Ìlà kan náà, ilẹ̀ méjì: lọ́ọ̀gù àbí líníà lórí ṣáàtì Bítíkọ́ìnì ọlọ́jọ́ pípẹ́

OníKaṣú_Ìyàrà

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó má baà dìjà ilé.

Kaṣú ni mò ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Látọdún 2020 ni mo ti máa ń yọ díẹ̀ nínú èrè mi ra Bítíkọ́ìnì, mi ò sì tíì tà nínú ẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, àbúrò mi wá láti Kábà. A jókòó síta lẹ́yìn oúnjẹ, oníkálukú pẹ̀lú fóònù ẹ̀, a ṣí TradingView, áàpù tá a fi ń wo ṣáàtì. Ó ní ká fa ìlà kan sábẹ́ owó Bítíkọ́ìnì, ká wo ibi tí ilẹ̀ ẹ̀ wà. A fẹnu kò sí ojú méjì: ìsàlẹ̀ tó bọ́ sí ní oṣù kìíní 2015, nǹkan bíi 170 dọ́là, àti èyí tó bọ́ sí ní oṣù kejìlá 2018, nǹkan bíi 3,200. A fa ìlà gba ojú méjèèjì, a nà án síwájú.

Lórí fóònù tèmi, nígbà tí owó ṣubú sí 15,500 ní oṣù kọkànlá 2022, ó ṣì ga ju ìlà mi lọ dáadáa. Lórí fóònù tiẹ̀, owó ti já ìlà náà tipẹ́, ó ti wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ojú kan náà la sì tẹ̀ o! Ó ní ilẹ̀ ti ya, pé ohun tí mò ń kó pamọ́ ti kú látọdún yẹn. Mo ní kò sóhun tó ya. A jiyàn títí ìyàwó mi fi gbé àtùpà wọlé, tó fi wá sílẹ̀ sínú òkùnkùn.

Ìgbà tó fi àwòrán tiẹ̀ ránṣẹ́ lórí Wásáàpù ni mo tó rí i pé nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ ṣáàtì wa ò jọra. Tèmi ń lọ 20,000, 40,000, 60,000. Tiẹ̀ ń lọ 100, 1,000, 10,000, àlàfo àárín wọn sì dọ́gba. Ó ní "Log" ni òun ń lò. Èwo nínú wa ló ń rí òótọ́?

Agégi_Ẹ̀gbẹ̀

Mo rí "Log" lókè, mo sáré ṣí i, mo rò pé ẹnì kan ń wá gẹdú rà ni. Ìrókò ni mo ní o, mi ò ní kírípítò. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.

Ọ̀dọ́_Mọ̀pà

Bọ̀ọ̀dá, àbúrò yín ló jàre, ẹ má bínú. Líníà tẹ́ ẹ̀ ń lò yẹn kò wúlò fún ohun tó ti orí dọ́là kan dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹ wo ṣáàtì tiyín dáadáa: láti 2010 títí dé 2016, ṣé kì í ṣe ìlà pẹlẹbẹ kan tó sùn sílẹ̀ bí okùn aṣọ lẹ ń rí? Bẹ́ẹ̀ owó yẹn ṣubú láti nǹkan bíi 32 dọ́là sí 2 dọ́là láàárín 2011 nìkan. Líníà ti gbé gbogbo ẹ̀ mì. Lọ́ọ̀gù nìkan ló ń fi ọ̀run àti ayé hàn lẹ́ẹ̀kan náà, torí lórí ẹ̀, kí owó fi 50% gun àti kó fi 50% já, gíga kan náà ni. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe, lọ́ọ̀gù ló máa ń tẹ̀. Àríyànjiyàn ti tán.

Tíṣà_Ìṣirò_Isánlú

Ọmọ mi ará Mọ̀pà, má tíì parí ẹ̀. Mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, n kò sì rí ẹni tó kánjú parí àríyànjiyàn tí kò gbàgbé láti wo iṣẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tí o sọ nípa 50% yẹn kọ́kọ́. Bí nǹkan bá já láti 100 sí 50, tó wá fi 50% gun, 75 ló dé, kò padà sílé. Nítorí náà gíga wọn ò lè dọ́gba lórí lọ́ọ̀gù. Ohun tó dọ́gba níbẹ̀ ni kí owó dín sí ìdajì àti kó di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po ni lọ́ọ̀gù ń wọ̀n. Líníà ní tiẹ̀, iye dọ́là tó kún un tàbí tó yọ kúrò ló ń wọ̀n. Àgbẹ̀ tó ní ebè iṣu mẹ́wàá tó wá kọ mẹ́wàá sí i, lọ́ọ̀gù yóò gbé e sókè bíi ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún tó kọ ẹgbẹ̀rún sí i. Líníà ò ní tilẹ̀ rí ti àkọ́kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ OníKaṣú. Ojú tí ẹ yàn yẹn dára fún ìṣirò, torí láti oṣù kìíní 2015 dé oṣù kejìlá 2018 jẹ́ oṣù 47, láti ibẹ̀ dé oṣù kọkànlá 2022 náà sì jẹ́ oṣù 47. Ìgbésẹ̀ méjì tó dọ́gba ni. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń ṣèlérí.

Ìlà tìrẹ, líníà, rí i pé owó kúrò ní 170 dé 3,200. Ó fi 3,030 kún un. Ìgbésẹ̀ tó kàn, yóò fi 3,030 kan náà kún un, yóò dé 6,230. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ tìrẹ wà ní oṣù kọkànlá 2022.

Ìlà àbúrò rẹ, lọ́ọ̀gù, rí i pé 170 di ìlọ́po 19 kó tó dé 3,200 (18.8 gan-an ni). Ìgbésẹ̀ tó kàn, yóò tún sọ ọ́ di ìlọ́po kan náà, yóò dé nǹkan bíi 60,200. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ tiẹ̀ wà lọ́jọ́ kan náà.

Owó gan-an wà ní 15,500. Kò sí èyí tó gba ibẹ̀ kọjá nínú ilẹ̀ méjèèjì. Owó fi 12,300 kún un, ó ju 3,030 lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n kò pé ìlọ́po márùn-ún, ká má tíì sọ 19. Ní dọ́là, ìgbésẹ̀ rẹ̀ ń gùn sí i. Ní ìlọ́po, ó ń kúrú. Ohun tó bá ń ṣe báyìí, ìlà tó tọ́ gbọnrangandan lórí líníà yóò máa wà nísàlẹ̀ jù, bíi ilẹ̀ inú kànga tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ní kàn. Ìlà tó tọ́ lórí lọ́ọ̀gù yóò máa bèèrè ohun tí kò ṣeé ṣe: bí a bá nà án ní ìgbésẹ̀ kan sí i, oṣù kẹwàá 2026, ó ń wá owó tó ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Nítorí náà, àbúrò rẹ rí ilẹ̀ tó ya, ìwọ sì rí ilẹ̀ tó dúró digbí, ẹ̀yin méjèèjì lẹ fọwọ́ ara yín fa ilẹ̀ náà.

OníKaṣú_Ìyàrà

Ẹ ṣé gan-an, Mọ́mì. Ó yé mi, ó sì tún ń yí mi lórí. Lálẹ́ àná mo gbìyànjú kí n yí tèmi sí Log kí n wò ó. Ìlà mi fò kúrò níbi tó wà! Mi ò fọwọ́ kàn án o.

Ọmọ_Òkè_Kábà

Ó fò lóòótọ́, áàpù yín ò bàjẹ́. Èmi ló máa ń tún fóònù ṣe lọ́nà ọjà, oníbàárà méjì ló ti bi mí ní irú ìbéèrè yìí.

Nínú TradingView, ìlà tẹ́ ẹ bá fà máa ń tọ́ lójú ìwòran nígbà gbogbo. Ohun tó so ó mọ́lẹ̀ ni ojú méjì tẹ́ ẹ tẹ̀, ìyókù ni ó ń tún fà. Bẹ́ ẹ bá fà á nígbà tí ìṣètò wà ní Regular, tẹ́ ẹ wá yí i sí Logarithmic, ojú méjèèjì ò ní kúrò, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tó kù lára ìlà náà ti bọ́ sórí owó mìíràn. Ẹ tẹ ìka mọ́ àwọn nọ́ńbà owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, ẹ wá inú ìṣètò rẹ̀, ẹ máa rí Regular, Percent, Indexed to 100 àti Logarithmic. Lórí kọ̀ǹpútà, Alt + L ló ń yí i. Ẹ lè dán an wò báyìí: ẹ mú ọjọ́ kan, kí ẹ kọ iye tí ìlà gbà kọjá sílẹ̀, ẹ yí i, kí ẹ tún kọ ọ́. Torí náà, bí ẹnì kan bá fi àwòrán ránṣẹ́ sínú gúrúpù pé "ilẹ̀ ti ya", ẹgbẹ́ ọ̀tún ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Bí àlàfo láti 1,000 sí 10,000 bá dọ́gba pẹ̀lú ti 10,000 sí 100,000, lọ́ọ̀gù ni.

Ibì kan ni mi ò ti gbà pẹ̀lú Mọ́mì. Àìdára ìlà lọ́ọ̀gù yẹn kì í ṣe ti lọ́ọ̀gù nìkan, ojú àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn ní 2015, iye tí ibùdó ìṣòwò kọ̀ọ̀kan kọ ò dọ́gba. Àwọn kan lọ sísàlẹ̀ dé nǹkan bíi 150. Ẹ fi 150 rọ́pò 170 kẹ́ ẹ tún un ṣe: ìlà líníà yóò kúrò ní 6,230 bọ́ sí 6,250, ogún dọ́là péré. Ìlà lọ́ọ̀gù yóò kúrò ní 60,200 bọ́ sí 68,300. Ogún dọ́là tó wà lẹ́yìn ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ dọ́là níwájú! Bóyá àbúrò Bọ̀ọ̀dá tilẹ̀ lo ṣáàtì ibùdó mìíràn.

Tíṣà_Ìṣirò_Isánlú

O gbá a mú. N kò rò ó débẹ̀. Ìwọ̀n ogún dọ́là lára 170 pọ̀ ní ìlọ́po, lọ́ọ̀gù sì ń gbé àṣìṣe náà lọ síwájú bó ṣe ń gbé owó lọ. Ẹni tó bá ń fa ìlà lọ́ọ̀gù láti ìgbà tí owó ṣì kéré, ìka ẹ̀ ò gbọdọ̀ gbọ̀n.

Ajóná_Ayétòrò

Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ Bítíkọ́ìnì tó ṣì ń mí. Ẹ gbọ́ tèmi nítorí Ọ̀dọ́_Mọ̀pà tó ní lọ́ọ̀gù nìkan ló mọ òótọ́.

Luna, kírípítò mìíràn. Ní oṣù kẹrin 2022 ó wà ní nǹkan bíi 119 dọ́là. Oṣù karùn-ún, láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó já sí nǹkan bíi 0.000001. Mi ò ní in lọ́wọ́ nígbà yẹn, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run mi. Oṣù kẹsàn-án, ọ̀rẹ́ kan fi ṣáàtì ẹ̀ hàn mí, ó ti ń gòkè, ó ti dé 0.0005. Lọ́ọ̀gù ló wà. Mo rí ògiri tó já wálẹ̀ láti òkè, mo wá rí òkè tó ń gun padà, tó ti gba ìdá mẹ́ta ògiri náà padà. Mo ní, "Ó ti rin ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀nà ilé!" Mo fi owó ilé ẹ̀kọ́ tí mo ń tọ́jú rà á. Kí ọdún tó parí, ó ti já wálẹ̀ lábẹ́ 0.0002.

Ìgbà tí owó ti lọ ni mo tó jókòó ṣe ìṣirò. Ẹni tó fi mílíọ̀nù kan náírà rà á ní 119, tí gbogbo "ìdá mẹ́ta ọ̀nà" yẹn bá padà sọ́wọ́ rẹ̀, nǹkan bíi náírà mẹ́rin ni yóò kà. Náírà mẹ́rin! Bí mo bá ti yí ṣáàtì yẹn sí líníà, ilẹ̀ pẹlẹbẹ ni mi ò bá rí, mi ò bá sì sá.

Ọ̀dọ́_Mọ̀pà

Ẹ pẹ̀lẹ́, Bọ̀ọ̀dá. Àmọ́ lọ́ọ̀gù ò parọ́ fún yín. Láti 0.000001 dé 0.0005 jẹ́ ìlọ́po 500 lóòótọ́. Ẹni tó rà á nísàlẹ̀ pátápátá jèrè ìlọ́po 500.

Ajóná_Ayétòrò

Ta ló rà á nísàlẹ̀ pátápátá? Fi orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́.

Tíṣà_Ìṣirò_Isánlú

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre, ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ràn "nìkan" tí wọ́n ń fi sí gbólóhùn. Ẹni tó rà nísàlẹ̀, lọ́ọ̀gù ń sọ ìtàn tiẹ̀. Ẹni tó rà lókè, líníà ló ń sọ tiẹ̀. Ohun kan tún wà tí kò hàn nínú èyíkéyìí nínú wọn: lákòókò ìṣubú yẹn, iye ẹyọ Luna kúrò ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù bọ́ sí tírílíọ̀nù mẹ́fà ó lé. Ẹyọ kan lẹ́yìn ìṣubú kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ẹyọ kan kó tó ṣubú. Sikéèlì yòówù kó jẹ́, kò lè sọ èyí.

Ahunṣọ_Ògìdì

Ẹ kú ìjíròrò o. Náírà lèmi máa ń fi wo tèmi, torí náírà ni mò ń gbà lórí aṣọ. Lórí lọ́ọ̀gù, tèmi gòkè ju ti gbogbo yín lọ, kò tilẹ̀ jọ pé 2022 burú tó báyìí. Ṣé mo ti rí ọ̀nà àbùjá ni?

Ọmọ_Òkè_Kábà

Àǹtí mi, náírà ló ń sọ̀kalẹ̀ nínú ṣáàtì yín. Dọ́là kan wà ní nǹkan bíi 460 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, ní 2024 ó ti kọjá 1,500. Ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́ta lọ tí Bítíkọ́ìnì ò bá tilẹ̀ mira. Lórí lọ́ọ̀gù, gíga Bítíkọ́ìnì ní náírà jẹ́ gíga rẹ̀ ní dọ́là, kí ẹ to gíga dọ́là ní náírà lé e lórí, bí ìgbà tẹ́ ẹ bá to aṣọ méjì. Ẹ ṣí BTCUSD, ìyẹn Bítíkọ́ìnì ní dọ́là, àti USDNGN, ìyẹn dọ́là ní náírà, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ óò rí aṣọ tí kò jẹ́ tiyín.

Ahunṣọ_Ògìdì

Háà. Bẹ́ẹ̀ ni òwú náà gbówó lórí. Mo gbọ́.

Ọ̀dọ́_Mọ̀pà

Ó dáa, mo gbà pé ìlà tó tọ́ ò bá a mu. Ká tẹ ìlà náà nígbà náà! Àwọn kan ti ya òṣùmàrè sórí lọ́ọ̀gù, ó tẹ̀ kọrọdọ, àwọ̀ búlúù nísàlẹ̀, pupa lókè. Ìyẹn mọ̀ pé ìlọ́po ń kúrú. Kí ló burú níbẹ̀?

Tíṣà_Ìṣirò_Isánlú

Kò burú láti wò. Àmọ́ ọ̀nà tí owó ti rìn kọjá ni wọ́n fi tẹ ìlà náà. Ní 2022 owó já bọ́ sábẹ́ àwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ jù lọ, wọ́n sì tún òṣùmàrè náà yà kó lè gba ibẹ̀. Ọmọ tó bá wo ìdáhùn kó tó ṣe iṣẹ́, máàkì tí mo máa ń fún un kì í pọ̀.

OníKaṣú_Ìyàrà

Mọ́mì, kí n má fi yín ṣòfò, èwo ni kí èmi tí kì í tà máa wò?

Tíṣà_Ìṣirò_Isánlú

Ó dá lórí ohun tí o fẹ́ bi í. Mo fi rúlà wọn tèmi láàárọ̀ yìí. Ojú ṣáàtì lórí fóònù mi ga tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Mo fi lọ́ọ̀gù tò ó láti 0.1 dọ́là dé 100,000. Ìṣubú 2011, láti 32 sí 2, gba sẹ̀ǹtímítà méjì. Ìṣubú láti 69,000 ní oṣù kọkànlá 2021 sí 15,500 ọdún kejì gba sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀. Mo yí i sí líníà láti òdo dé 70,000: ti 2022 gba ju sẹ̀ǹtímítà méje lọ, ti 2011 kò sí níbẹ̀ rárá.

Bí o bá ń bi í pé báwo ni ìṣubú 2022 ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìṣubú àtijọ́, lọ́ọ̀gù ni, ó sì máa sọ fún ọ pé ó kéré sí wọn. Bí o bá sì ń bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí owó kaṣú tí o kó sínú ẹ̀ ní 2021, sẹ̀ǹtímítà kan yẹn yóò tàn ọ́ jẹ. Ó pàdánù 77%, o sì ní láti rí ìlọ́po mẹ́rin ààbọ̀ kó tó padà. Wo ìyẹn lórí líníà, láti ọjọ́ tí o ti rà á nìkan. Ní ti oṣù díẹ̀ tí owó tó ga jù lójú ṣáàtì kò tó ìlọ́po méjì èyí tó kéré jù, tẹ èyí tó wù ọ́, ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan.

OníKaṣú_Ìyàrà

Àbúrò mi ti ka gbogbo ẹ̀. Ó ní òun ò tíì gbà. Ó ní ẹ bá òun fa ìlà tuntun láti 2018 sí 2022, kí a mọ ibi tí yóò bọ́ sí.

Tíṣà_Ìṣirò_Isánlú

Oṣù 47 mìíràn gbé e dé oṣù kẹwàá 2026. Líníà yóò wà ní 27,800. Lọ́ọ̀gù yóò wà ní nǹkan bíi 75,000. N kò sọ pé owó yóò kan èyíkéyìí nínú wọn o, kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ mi ra nǹkan.

Ọ̀dọ́_Mọ̀pà

Mo ti kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà. 75,000 ni tèmi.

Ọmọ_Òkè_Kábà

Ìbùdó ìṣòwò wo lo ti máa wò ó?

Agégi_Ẹ̀gbẹ̀

Mo ṣì wà níbí o. Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ìrókò náà ṣì wà.